Èsì àyẹ̀wò omi bóòhóòlù: Ohun tójú kò rí ló léwu jù níbẹ̀

Ọ̀pọ̀ onílé tó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí bóòhóòlù, ló ti mọ̀ báyìí pé ó yẹ kéèyàn gbé omi rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò kó tó di mímu. Ọjọ́ tí èsì bá dé gan-an ni ìṣòro máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìwé kan ni wọn yóò fún onílé: orúkọ àwọn ohun tó wà nínú omi yóò wà lápá òsì, iye tí wọ́n bá nínú rẹ̀ yóò wà láàárín, iye tí ìlànà fàyè gbà yóò sì wà lápá ọ̀tún. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn máa ń ṣe kò ju pé kí wọ́n fi iye kan wé èkejì lọ. Èyí tó bá ga jù, wọn a bẹ̀rù rẹ̀. Èyí tó bá kéré, wọn a fojú fò ó. Ẹni tó bá ka ìwé náà lọ́nà yìí lè ná gbogbo owó rẹ̀ lórí ohun tí kì í pani, kó sì máa fi ohun tó lè gbẹ̀mí ọmọ ọwọ́ po wàrà fún un.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Ká ní ilé kan wà nílùú Ìbàdàn, tí tọkọtaya, ìyá àgbà àti ọmọ oṣù mẹ́ta kan tó ń mu wàrà inú agolo ń gbé ibẹ̀. Mítà 12 péré ló wà láàárín kànga wọn àti sókáwéè. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò dé, ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí: líle omi, tí wọ́n kọ CaCO3 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, jẹ́ 212 mg/L, irin, tí àmì rẹ̀ ń jẹ́ Fe, jẹ́ 1.4 mg/L, náítíréètì, tí wọ́n kọ ní NO3-N, jẹ́ 14 mg/L, kòkòrò E. coli sì jẹ́ 8 cfu/100 mL. Ìtumọ̀ mg/L ni iye miligíráámù nǹkan náà tó wà nínú lítà omi kan.

Lápá ọ̀tún ìwé náà, iye tí ìlànà omi mímu ilẹ̀ Nàìjíríà fàyè gbà ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìlànà yìí, tí wọ́n ń pè ní NIS 554, jáde lọ́dún 2007, wọ́n sì tún un yẹ̀ wò lọ́dún 2015. Ó ní líle omi kò gbọ́dọ̀ ju 150 lọ, irin kò gbọ́dọ̀ ju 0.3 lọ, náítíréètì kò gbọ́dọ̀ ju 50 lọ, E. coli kò sì gbọ́dọ̀ sí rárá nínú 100 mL omi. Bí baálé ilé bá wo ìwé yìí gààràgà, ohun tí yóò rí ni pé irin lé ní ìlọ́po mẹ́rin àti ààbọ̀ iye tí ìlànà sọ, omi le díẹ̀, náítíréètì kò sì mú ìyọnu kankan dání. Èrò rẹ̀ kò tọ̀nà rárá.

Líle omi la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kálísíọ́mù àti magiṣíọ́mù tí omi kó láti ara òkúta abẹ́ ilẹ̀ ló ń mú kí omi le. CaCO3 tí wọ́n kọ síbẹ̀ kàn túmọ̀ sí pé wọ́n ti sọ àwọn méjèèjì di òṣùwọ̀n kan ṣoṣo. Omi tó bá wà ní 212 kò ní jẹ́ kí ọṣẹ tètè hó, yóò sì máa fi èèpá funfun sílẹ̀ nísàlẹ̀ kẹ́tùlù àti lára irin tó ń gbé omi kaná. Ọṣẹ àti kẹ́tùlù ló ń jìyà rẹ̀, kì í ṣe ara ẹni tó ń mu ún. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá kò fi òdiwọ̀n kankan lé líle omi nítorí ìlera.

Irin ló kàn. Nínú ilẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, irin máa ń yọ́ sínú omi láìfara hàn. Ìdí nìyí tí omi fi lè mọ́ gaara nígbà tí ẹ̀rọ bá fà á jáde, tó sì jẹ́ pé lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ tí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, yóò di pupa rẹ́súrẹ́sú, tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yóò sì wà nísàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì. 1.4 mg/L tó láti ba aṣọ funfun jẹ́, kó sì mú kí omi máa dùn bí irin lẹ́nu. Síbẹ̀, 0.3 tí ìlànà sọ, nítorí adùn àti àbàwọ́n ni. Kí onílé tó ra ẹ̀rọ ìyọrin, ó yẹ kó bu omi lẹ́ẹ̀mejì: èyí tó kọ́kọ́ jáde láàárọ̀, àti èyí tó jáde lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti fa omi fún bí ogún ìṣẹ́jú. Bó bá jẹ́ pé ti àkọ́kọ́ nìkan ni irin pọ̀ nínú rẹ̀, páìpù tó ti dógùn-ún ló ń fa á. Bí méjèèjì bá rí bákan náà, láti inú ilẹ̀ ló ti ń bọ̀, ó sì ṣeé ṣe láti dín in kù bí wọ́n bá jẹ́ kí omi máa rọ̀ bí òjò sínú táǹkì kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i, kí ó sì silẹ̀, kí wọ́n tó fi iyanrìn sẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ wá di ti náítíréètì. 14 kéré sí 50 lóòótọ́, àmọ́ òṣùwọ̀n méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Àwọn ilé àyẹ̀wò kan máa ń wọn náítíréètì lódidi, wọn a sì kọ NO3. Àwọn mìíràn a wọn náítírójìn inú rẹ̀ nìkan, wọn a sì kọ NO3-N. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí ẹnì kan wọn ẹ̀pà pẹ̀lú èèpo, tí ẹlòmíràn wá wọn kóró rẹ̀ nìkan. Ẹ̀pà kan náà ni, ṣùgbọ́n iye kò lè dọ́gba. 50 tó wà nínú ìlànà, ti odidi náítíréètì ni. Ẹni tó bá rí NO3-N lórí ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi 4.43 sọ iye náà di púpọ̀ kó tó fi wé e. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí 14, yóò di 62. Omi ilé yìí ti kọjá ààlà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé fẹ́ jọ pé ó dára.

Náítíréètì kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kò sì ní adùn. Àwọn tí ewu rẹ̀ pọ̀ fún jù ni ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà tó ń mu wàrà tí wọ́n fi omi pò. Nínú ara ọmọ bẹ́ẹ̀, náítíréètì máa ń yí padà di náítíráìtì, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè gbé afẹ́fẹ́ tí ara nílò káàkiri. Ètè ọmọ àti orí ìka rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ní àwọ̀ bí aró tàbí bí eérú, èémí rẹ̀ á sì máa sáré. Bí òbí bá rí irú àmì yìí, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé ọmọ lọ lójú ẹsẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìyá ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n gbà pé bíbọ omi ló ń tún gbogbo omi ṣe. Omi gbígbóná ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kò lè mú náítíréètì kúrò. Omi ló ń bá ooru lọ, náítíréètì kò bá a lọ. Bí lítà mẹ́wàá omi yìí bá hó títí tó fi ku mẹ́sàn-án, 62 yóò di bíi 69.

Kòkòrò ló gbẹ̀yìn. Ẹbí ńlá ni kólífọ́ọ̀mù, àwọn kan nínú wọn sì ń gbé inú erùpẹ̀ àti ara ewé láìṣe ẹnikẹ́ni níbi. Ṣùgbọ́n inú ìfun èèyàn àti ẹran ni E. coli ń gbé. Níbi tí a bá ti rí i, ìgbẹ́ ti dé ibẹ̀ láìpẹ́. Ilé àyẹ̀wò máa ń sẹ́ 100 mL omi, wọn a gbé ohun tí wọ́n fi sẹ́ ẹ sórí oúnjẹ kòkòrò nínú ibi tó móoru, wọn a sì ka tótòtó tó bá hù lórí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Tótòtó kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní cfu kan. Bí ẹ bá rí <1, wọn kò rí ìkankan nìyẹn. Bí ẹ bá rí TNTC, ó pọ̀ ju ohun tó ṣeé kà lọ. Kì í ṣe E. coli mẹ́jọ yẹn fúnra wọn ni ẹ̀rù tó tóbi jù. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n pé ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé, kòkòrò jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ àti ti onígbáméjì lè gba ibẹ̀ wọlé.

Nígbà tí náítíréètì àti E. coli bá jọ ga pọ̀, sókáwéè tàbí ṣáláńgá la ó kọ́kọ́ fura sí. Ó kéré tán, mítà 30 ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń ní kó wà láàárín irú nǹkan bẹ́ẹ̀ àti kànga. Láti mọ̀ dájú, kí onílé bu omi lẹ́nu kànga kó tó dé táǹkì, kó sì bu òmíràn lẹ́nu ẹ̀rọ inú ilé. Bí kòkòrò bá wà nínú ti inú ilé nìkan, táǹkì tàbí páìpù ló dọ̀tí. Bó bá wà nínú méjèèjì, kànga fúnra rẹ̀ ló ní àbùkù.

Bí wọ́n ṣe bu omi náà tún lè ba èsì jẹ́. Ìgò tí ilé àyẹ̀wò ti pa kòkòrò inú rẹ̀ ni kí ẹ lò, ẹ má sì fi omi ṣàn án. Ẹ jẹ́ kí omi ṣàn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó bù ú, ẹ gbé e sínú kúlà tó ní yìnyín, kó sì dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín wákàtí mẹ́fà, kó má ṣe ju wákàtí 24 lọ rárá. Ẹni tó bá bu tirẹ̀ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kò lè mọ̀ bóyá kànga ló ní kòkòrò tàbí ìgò.

Kí ni kí ìdílé inú àpẹẹrẹ wa ṣe? Lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n wá omi mìíràn tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé náítíréètì rẹ̀ kéré fún wàrà ọmọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé wọ́n lè fi ojú ṣọ́ omi tó wà láàárín 50 sí 100 fún ọmọ ọwọ́ bó bá dájú pé kòkòrò kò sí nínú rẹ̀. Ti ilé yìí kò yege nínú ìyẹn. Kí àwọn àgbàlagbà máa bọ omi tí wọ́n ń mu. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dí ẹ̀gbẹ́ ẹnu kànga dáadáa, kí wọ́n sì fi kíláórínì fọ kànga àti táǹkì: bí gíráámù 77 èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fún 1,000 lítà omi. Kó wà níbẹ̀ mọ́jú, kí ẹnikẹ́ni má mu ún, kí wọ́n fa á dànù títí òórùn yóò fi lọ, kí wọ́n sì tún àyẹ̀wò ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì.

Bí E. coli bá padà wá, ìgbẹ́ ṣì ń wọlé, sókáwéè náà sì gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Kíláórínì kì í mú náítíréètì kúrò, nítorí náà, ìyẹn yóò ṣì wà fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé sókáwéè lọ, a fi bí wọ́n bá ra ẹ̀rọ ìsẹ́mi olówó ńlá tàbí kí wọ́n gbẹ́ kànga mìíràn. Ẹ̀yìn gbogbo èyí ni owó ẹ̀rọ ìyọrin tó kàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irin ni gbogbo ilé ń rí lára aṣọ wọn lójoojúmọ́.