Ìdọ́gba Airy: Bí Nọ́ńbà Kan Ṣe Ń Bí Òmíràn

Ìwádìí tí George Airy, onímọ̀ ìràwọ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe lórí ìmọ́lẹ̀ òṣùmàrè ní 1838 ló bí ìdọ́gba y″ = xy. Kò sí pípín pẹ̀lú òdo níbi x = 0, nítorí náà a lè kọ ìdáhùn rẹ̀ báyìí:

y = a₀ + a₁x + a₂x² + a₃x³ + …

Nígbà náà, y″ = 2a₂ + 6a₃x + 12a₄x² + …, ṣùgbọ́n xy = a₀x + a₁x² + … Ẹ wo bí x ṣe sún gbogbo rẹ̀ síwájú; ibẹ̀ gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Xy kò ní nọ́ńbà tó dá dúró láìsí x, nítorí náà a₂ di òdo dandan. Lẹ́yìn náà, 6a₃ = a₀, 12a₄ = a₁. Òfin rẹ̀ ni:

aₙ₊₃ = aₙ / ((n+2)(n+3))

Ó ń fo mẹ́ta-mẹ́ta, nítorí náà a₅ àti a₈ náà di òdo. A₀ àti a₁ nìkan la lè yàn fúnra wa.