Ó wọlé, àmọ́ kò tàn: káàtì mẹ́ẹ̀rì àti pùrósẹ́sọ̀

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa gbé kọ̀ǹpútà tó ń tò fúnra rẹ̀ wá bá wa. Ó ra pùrósẹ́sọ̀ Core i5-8400, ó tún ra káàtì mẹ́ẹ̀rì H110, ìyẹn pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń so mọ́. Àlòkù ni méjèèjì. LGA1151 ni sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn, nítorí náà ó gbà pé wọ́n bára mu. Pùrósẹ́sọ̀ jókòó wẹ́rẹ́, fáànù ń yí, àmọ́ ẹ̀kíráànù dúdú kirimú. Ó ní ẹni tó tà á fún òun ti rẹ́ òun jẹ. Rárá o, kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú wọn.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni ibùjókòó pùrósẹ́sọ̀. 1151 ni iye ẹsẹ̀ tín-ín-rín tó wà nínú rẹ̀. Ní 2015, Intel fi sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí gbé ìran kẹfà jáde, ìran keje sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìran kẹjọ dé ní 2017, wọ́n yí iṣẹ́ àwọn ẹsẹ̀ kan padà, àmọ́ wọn ò yí ìrísí rẹ̀ padà. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ yín ò fi ní mọ̀ ọ́n: ó ń wọlé, kò sì ní ṣiṣẹ́.

Ṣípúsẹ́ẹ̀tì ló ń tú àṣírí náà. Ó jẹ́ ṣíìpù kan lórí káàtì mẹ́ẹ̀rì tó ń bá pùrósẹ́sọ̀ darí díísìkì, yúésíbì àti àwọn yòókù. Orúkọ rẹ̀ ni H110 yẹn. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1 tàbí 2 jẹ́ ti ìran kẹfà àti keje. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 3, bíi H310 àti B360, ló gba ìran kẹjọ. Akẹ́kọ̀ọ́ wa lè fi H110 rẹ̀ sílẹ̀ kó wá i5-6500. Tó bá mú i5-7400, ó ṣeé ṣe kó kọ́kọ́ sọ BIOS rẹ̀ di tuntun, torí H110 ti jáde kí ìran keje tó dé.

Ó ní òun fẹ́ràn i5-8400 òun, ó wá lọ wá B360. Èyí tó kọ́kọ́ rí jẹ́ ATX, mílímítà 305 sí 244. Àpótí rẹ̀ ò gbà ju micro-ATX lọ, tí kì í ju 244 sí 244. A ní kó dá a padà. Kékeré máa ń wọ àpótí ńlá, torí ihò ìdè-kọ́ǹpútà wọn bára mu. Ńlá ò lè wọ kékeré. Káàtì tí wọ́n tú lára kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì àlòkù ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù: ọ̀pọ̀ wọn ní ìrísí tiwọn àti ojú iná tiwọn, wọn ò bá àpótí mìíràn mu.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ka orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára pátákó náà gan-an, kẹ́ ẹ wá a lórí ìtàkùn ẹni tó ṣe é. Wọ́n máa ń to gbogbo pùrósẹ́sọ̀ tó gbà síbẹ̀, pẹ̀lú BIOS tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fẹ́.