Ìṣirò tó yẹ kó ṣáájú bánà

Lópin ọ̀sẹ̀ ní Èkó, kò sí gbọ̀ngàn àríyá tí bánà kì í sí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀: ti òkú àgbà lónìí, ti ìgbéyàwó lọ́la. Púpọ̀ nínú wọn ló ń ti Ṣómólú wá, àdúgbò tí gbogbo ìlú mọ̀ mọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Níbẹ̀, dísáínà ló máa ń to fọ́tò àti ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà kí iṣẹ́ tó dé ìdí ẹ̀rọ. Bí ojú olóògbé bá wá ṣú bàìbàì lórí bánà, ẹ̀rọ ni oníbàárà máa ń dá lẹ́bi. Ẹ̀rọ kì í sábà jẹ̀bi. Ìṣirò kan ló wà tí ẹnì kankan kò ṣe.

Ẹ̀yà wẹ́wẹ́ onígun mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ kan ṣoṣo, ló para pọ̀ di fọ́tò. Píksẹ́lì ni wọ́n ń pè wọ́n. Bí a bá na fọ́tò, ẹ̀yà wọ̀nyí kì í pọ̀ sí i. Ńṣe ni wọ́n ń fẹ̀. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé, báwo ni wọ́n ṣe lè fẹ̀ tó kí ojú tó tú wọn fó?

Ibi tí òǹwòran dúró sí ló dáhùn rẹ̀. Láti mítà kan, ojú tó dá ṣáká kò lè rí ẹ̀yà tó bá kéré ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá mìlímítà kan lọ. Ìyẹn túmọ̀ sí píksẹ́lì 87 nínú ínṣì kan. Bí òǹwòran bá sún sẹ́yìn dé mítà méjì, ìdajì iye yẹn ti tó. Nítorí náà, kí dísáínà fi iye mítà pín 87, kó sì fi èsì rẹ̀ ṣe ìlọ́po ínṣì bánà.

Ẹ jẹ́ ká mú bánà ìsìnkú kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ 8. Ìyẹn jẹ́ ínṣì 144 sí 96. Ká ní ẹni tó máa súnmọ́ ọn jù yóò dúró ní mítà mẹ́ta. Bí a bá fi 3 pín 87, a ó rí 29. Ìlọ́po 144 lọ́nà 29 jẹ́ 4,176. Ti 96 jẹ́ 2,784. Bí a bá fi ọ̀kan ṣe ìlọ́po èkejì, kò ju mílíọ̀nù píksẹ́lì méjìlá lọ, iye tí kámẹ́rà ọ̀pọ̀ fóònù ń yà.

Àwọn kan gbà pé kò sí bánà tó lè dára láìjẹ́ píksẹ́lì 300 nínú ínṣì kan. Ìwé tí a ń kà lọ́wọ́ ni 300 wà fún, nítorí ojú kì í sábà jìnnà sí i púpọ̀ ju ọgbọ̀n sẹ̀ntímítà lọ. Lórí bánà wa yìí, yóò di 43,200 sí 28,800, fáìlì tí Photoshop kò tilẹ̀ ní gbà láti fi pamọ́ sínú PSD, torí pé 30,000 ni òpin rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó bá sì gba ojú Image Size kọ 300 sára fọ́tò kékeré, fáìlì ló sọ di ńlá. Kò fi ohun tí kámẹ́rà kò rí kún un.

Orí Wásáàpù ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Fọ́tò tí a bá fi ránṣẹ́ bí àwòrán lásán sábà máa ń súnkì dé nǹkan bí píksẹ́lì 1,600 ní ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù. Bí a bá nà án bo ínṣì 144, píksẹ́lì 11 ló kù fún ínṣì kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ ju mìlímítà méjì lọ. Ẹni tó bá wò ó láti mítà mẹ́jọ yóò ní ó dára. Ẹni tó bá dúró ní mítà mẹ́ta yóò rí etí ojú tó rí págunpàgun bí eyín ayùn. Bí a bá gé olóògbé nìkan jáde láàárín àwọn ẹbí, ọ̀rọ̀ tún burú sí i, torí pé píksẹ́lì tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn gígé nìkan ni a lè kà.

Ti orúkọ àti déètì yàtọ̀. Bí dísáínà bá tẹ̀ wọ́n sínú CorelDRAW bí lẹ́tà, ìlà ni wọ́n, kì í ṣe píksẹ́lì, kò sì sí bí a ṣe nà wọ́n tó tí etí wọn kò ní mú. Bí wọ́n bá ti wà nínú fọ́tò, wọ́n á bá fọ́tò bàjẹ́ pọ̀.

Ìṣirò yìí ní ààlà tirẹ̀. Ojú ọ̀dọ́ ẹlòmíì mú ju èyí tí a fi ṣe é lọ, àwọn àlejò sì máa ń súnmọ́ bánà láti yàwòrán níwájú rẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti máa dúró ní mítà kan àbọ̀, ìlọ́po méjì 29 la nílò, ìyẹn 58. Kí iyèméjì má bàa sí, kí dísáínà gé apá ibi ojú jáde, kó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà bó ṣe máa tóbi gẹ́lẹ́ lórí bánà, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kó sì sún sẹ́yìn wò ó.

Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ fi fọ́tò gangan tí kámẹ́rà yà ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, ẹ má fi ránṣẹ́ bí àwòrán. Kí ẹ sì sọ fún dísáínà ibi tí àwọn èèyàn máa dúró sí, kó tó ṣí kọ̀ǹpútà.