Abẹ́rẹ́ Ẹ̀ẹ̀kan Lọ́sẹ̀ fún Àtọ̀gbẹ: Ohun Tó Ń Ṣe Nínú Ara àti Ìdí Tí Inú Fi Ń Rìn

Bí èèyàn bá mu omi ṣúgà, ara rẹ̀ á tú ínsúlínì sínú ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá wá fa ṣúgà sí i lójú iṣan lọ́jọ́ mìíràn, títí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi ga dé ibi tó ga dé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ínsúlínì tí ara máa tú jáde kò ní tó ti ìṣáájú. Ohun tí èyí fi hàn ni pé ìfun lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí oúnjẹ bá ti kan ìfun, àwọn họ́móònù kan á jáde láti ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ìnkírítìnì. Wọ́n dà bí ọmọ tó sáré wọ ilé ìdáná láti sọ fún ìyá rẹ̀ pé àlejò ti dé ẹnu ọ̀nà. Páńkíríásì, ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpòlúkù tó ń ṣe ínsúlínì, á tètè múra de ṣúgà tó ń bọ̀.

Lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, iṣẹ́ tí àwọn họ́móònù yìí ń ṣe ti dín kù. Èyí tó lórúkọ jù nínú wọn ni GLP-1. Àmọ́ a kò lè kàn gún un fún èèyàn bí ó ṣe wà, nítorí pé láàárín ìṣẹ́jú méjì péré ni ara ti ń gé e sí wẹ́wẹ́. Ibi tí ojútùú ti wá ya èèyàn lẹ́nu. Lọ́dún 1992, Dókítà John Eng ní Amẹ́ríkà rí nǹkan kan nínú oró alángbá aṣálẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ bíi GLP-1, ṣùgbọ́n tí kì í tètè bàjẹ́. Láti ara rẹ̀ ni ẹsẹnatáìdì ti wá, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n ń gún un. Nígbà tó di 2017, sẹmaglutáìdì tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Osẹ́mpíkì dé. Wọ́n ṣe é kí ó lè rọ̀ mọ́ purotéènì inú ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ lára tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fi tó. Tisẹpatáìdì tó dé lọ́dún 2022 ń ṣe iṣẹ́ GLP-1 àti ti ìnkírítìnì kejì, GIP, pa pọ̀.

Oògùn yìí ń mú kí páńkíríásì tú ínsúlínì jáde, ṣùgbọ́n ìgbà tí ṣúgà bá ga nìkan ni. Bí ṣúgà bá ti wálẹ̀, á dẹwọ́. Ó tún ń dá ẹ̀dọ̀ dúró kí ó má baà máa da ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí kò yẹ. Lẹ́yìn náà, ó ń fa ọwọ́ àpòlúkù sẹ́yìn, kí oúnjẹ má tètè wọ ìfun, ó sì ń sọ fún ọpọlọ pé a ti yó. Ohun méjì tó gbẹ̀yìn yìí ló ń mú kí èèyàn fọn, àwọn náà ló sì ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni ọdún 54 tó wọn kílò 92, tó ń lo mẹtifọ́mìnì àti Dáónìlì. Dókítà rẹ̀ fi sẹmaglutáìdì kún un. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, dókítà dín Dáónìlì kù. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú fo ibí yìí. Abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀ kì í sábà já ṣúgà sílẹ̀ jù, ṣùgbọ́n Dáónìlì kì í wò bóyá ṣúgà ga tàbí kò ga. Ó máa ń fún ínsúlínì jáde ṣáá ni. Bí obìnrin yìí bá wá ń jẹ ìdajì ohun tó ń jẹ tẹ́lẹ̀, tó sì ń lo Dáónìlì bí ó ti ń lò ó, ara rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kí òógùn bò ó, kí òòyì máa kọ́ ọ. Bákan náà ni fún ẹni tó ń gún ínsúlínì.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́, miligiráàmù 0.25 ló ń gún lọ́sẹ̀, sí abẹ́ awọ ikùn tàbí itan. Ṣúgà rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀, aládùúgbò sì ń sọ fún un pé kí ó fi kún un. Kò gbọ́dọ̀ fi kún un. Ìwọ̀n yẹn kò wà fún ṣúgà; torí kí àpòlúkù lè mọ oògùn náà lára ni wọ́n ṣe fi í ṣáájú. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó bọ́ sí 0.5. Lọ́jọ́ kejì, inú rẹ̀ ń rìn. Lálẹ́, ó jẹ àmàlà bí ó ti máa ń jẹ ẹ́, pẹ̀lú ọbẹ̀ olóròóró, ó lọ sùn, ó sì bì. Oúnjẹ ọ̀sán ṣì wà nínú àpòlúkù rẹ̀ nígbà tí ti alẹ́ dé bá a. Ohun tó ràn án lọ́wọ́ ni pé ó dín òkèlè kù, ó dín epo kù, ó ń dáwọ́ dúró kí ó tó yó, kò sì jẹun lálẹ́ mọ́. Dókítà náà jẹ́ kó pẹ́ lórí 0.5 kí ó tó gbé e lọ sí 1. Inú rírìn, èébì, ìgbẹ́ gbuuru àti àìrígbẹ́yà máa ń pọ̀ nígbà tí ìwọ̀n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè, wọ́n sì máa ń rọlẹ̀ tó bá yá.

Àmọ́ inú rírìn yàtọ̀ sí ìrora. Bí inú òkè bá ń ro èèyàn gidigidi, tí ìrora náà ń gba ẹ̀yìn lọ tí kò sì dáwọ́ dúró, kí ó má gún òmíràn, ilé ìwòsàn ló kàn: páńkíríásì lè ti wú. Bí ojú bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ti ẹni tó ní ibà pọ́njú, tàbí ìhà ọ̀tún lábẹ́ ìhà ń dunni, ó lè jẹ́ òkúta inú òróòro. Èébì tí kò dá lè gbẹ omi ara débi tí kíndìnrín á fi ṣàárẹ̀. Ẹni tí àtọ̀gbẹ ti ba ojú rẹ̀ jẹ́ gbọ́dọ̀ lọ yẹ ojú wò ṣáájú, nítorí pé bí ṣúgà bá yára já wálẹ̀, ojú náà lè burú sí i. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ lò ó rárá.

Ní ti sísanra, a ń gbọ́ ìròyìn tó ju òótọ́ lọ. Nínú ìwádìí tí wọ́n pè ní STEP 1, àwọn tí kò ní àtọ̀gbẹ tó lo miligiráàmù 2.4 fọn ní nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú STEP 2, níbi tí gbogbo wọn ti ní àtọ̀gbẹ, ìwọ̀n kan náà mú ìdá 9.6 kúrò, miligiráàmù 1 sì mú ìdá 7 kúrò. Èyí túmọ̀ sí pé obìnrin onílò 92 wa yìí lè retí láti pàdánù bíi kílò mẹ́fà ààbọ̀ láàárín ọdún kan ó lé. Ṣúgà rẹ̀ á jèrè nínú rẹ̀, àmọ́ kò ní dà bí àwòrán tí wọ́n ń pín kiri.

Fún àwa tó ń gbé níbi tí iná ti ń lọ, ìpamọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá. Fíríìjì ni péènì tí a kò tíì lò gbọ́dọ̀ wà, láìjẹ́ kí ó di yìnyín. Èyí tí a ti ṣí lè wà níta fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí ooru kò bá kọjá ìwọ̀n 30, ooru yàrá wa sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀. Oògùn inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́ gaara. Bí ó bá ti dòdòkudò, kí a má lò ó. Ayédèrú náà wà níta. Lọ́dún 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ nípa ayédèrú Osẹ́mpíkì tí wọ́n rí ní Bùràsíìlì, Bìrìtéènì àti Amẹ́ríkà. Ọwọ́ apòògùn tó ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ ti rà á, ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á lórí fóònù.

Kí èèyàn tó gún àkọ́kọ́, kí ó béèrè iye tó máa ná an lóṣù, nítorí pé kì í ṣe oògùn tí a ń lò tán. Àwọn tó jáwọ́ lẹ́yìn STEP 1 ti gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n fọn padà láàárín ọdún kan, bí ṣúgà ṣe ń gòkè padà náà nìyẹn nígbà tí oògùn bá kúrò lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ.