Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Ó Ń Ṣe Ọ̀yàyà Láàárín Ẹgbẹ́, Ó Ń Dákẹ́ Tó Bá Ku Ẹ̀yin Méjì

Ká mú ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin. Tí ìsìn ọjọ́ Àìkú bá parí, tí àwọn ọ̀dọ́ dúró níta ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló máa ń pa yín lẹ́rìn-ín jù. Ṣùgbọ́n tó bá ku ìwọ àti òun, "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀.

Láàárín ẹgbẹ́, bí òun bá dákẹ́, ẹlòmíràn á gba ọ̀rọ̀ náà. Tó bá ku ẹ̀yin méjì, òun ni yóò gbé e, ó sì mọ̀ pé àwọn màmá ìjọ ń wò. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìdúró díẹ̀ lè di ìròyìn ìgbéyàwó.

Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé ìtìjú ni, pé kì í ṣe pé kò fẹ́ ọ? Ẹni tó ń tijú lè má yára lọ. Á máa to ìwé orin tó ti tò tẹ́lẹ̀. Á rántí pé o ní ìdánwò, á sì béèrè rẹ̀ lórí Wásáàpù. Ẹni tí kò fẹ́ ọ sábà máa ń wá àwáwí láti lọ. Ọ̀yàyà rẹ̀ sí ọ kò sì yàtọ̀ sí ti gbogbo ènìyàn.

Má ká a mọ́ kọ̀rọ̀, má sì rán ọ̀rẹ́ sí i. Ẹ jọ máa kó àga, kí ọwọ́ máa ṣiṣẹ́, kí o wá bi í pé ta ló kọ́ ọ lórin. Tó bá ṣì ń dá ọ lóhùn ṣókí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí kò sì fèsì lórí Wásáàpù, jọ̀wọ́, fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.