Arọ́pò-orúkọ "Wọ́n" Lẹ́nu Atọ́kùn Elédè Méjì

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ìṣòro kan tí ó máa ń bá atọ́kùn ètò níbi ìpàdé tí àwọn kan ti gbọ́ Yorùbá, tí àwọn mìíràn kò sì gbọ́ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. A sábà máa ń rò pé orúkọ iṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni yóò fún irú atọ́kùn bẹ́ẹ̀ ní wàhálà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àyálò wà fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, bí a bá sì ní dókítà tàbí nọ́ọ̀sì, kò sí ẹni tí yóò ṣì wá gbọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí a kì í kíyè sí, bí ó, wọ́n àti ẹ, ni wọ́n máa ń da ọ̀rọ̀ rú mọ́ni lẹ́nu.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a fi wá ṣe atọ́kùn níbi ìpàdé ọlọ́jọ́ kan tí àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ṣe ní Ìbàdàn. Àwọn tí ó wá tó ọgọ́ta. Bí ẹni mẹ́jọ nínú wọn ti Kàdúná àti Ẹnúgù wá, wọn kò sì gbọ́ Yorùbá rárá. Obìnrin dókítà kan ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. (Nínú ìwé, a lè pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ó, lórí pèpéle, a kò gbọdọ̀ dán an wò.) Ó fún wa ní ìwé pélébé kan tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa ara rẹ̀. Ohun méjì tí ó jẹ wá lógún níbẹ̀ ni pé a fi í ṣe olórí ẹ̀ka ìtọ́jú aboyún ní 2009, àti pé òun àti agbẹ̀bí àgbà kan jọ kọ ìwé kékeré kan lórí ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún.

A kọ́kọ́ fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, kò sì sí ìṣòro. Nígbà tí a yí sí Yorùbá, ohun tí a sọ ni pé: "Wọ́n yàn wọ́n ní olórí ẹ̀ka ní 2009. Wọ́n sì kọ ìwé kan lórí ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún." A pàtẹ́wọ́, dókítà bọ́ síwájú, ètò sì ń lọ.

Nígbà ìsinmi, agbẹ̀bí àgbà náà, ìyá tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ó sì jókòó ní ìlà kejì láti òwúrọ̀, wá bá wa. Ó ní, "Ọ̀gá atọ́kùn, nígbà tí ẹ ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, àwa méjèèjì ni a kọ ìwé yẹn. Nígbà tí ẹ dé orí Yorùbá, ibo ni ẹ gbé mi sí?" Òótọ́ ni ó sọ. Yorùbá ni púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ́tí sí jù, dókítà nìkan ni wọ́n sì ti ń kí kú iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á wo gbólóhùn méjèèjì dáadáa. Wọ́n mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀, iṣẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n ń ṣe. Ti àkọ́kọ́ kò tọ́ka sí ẹnì kan pàtó. Ohun tí a fi ń rọ́pò irú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tí kì í dárúkọ olùṣe ni. Èkejì jẹ́ dókítà nìkan, ọ̀wọ̀ ni a fi sọ ẹyọ di ọ̀pọ̀. Ẹ̀kẹta ni ó jẹ́ ẹni méjì ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbọ́ wọ́n ọlọ́wọ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní ìdí láti rò pé èyí tí ó tẹ̀ lé e ti di ọ̀pọ̀. Ohùn kò lè ràn án lọ́wọ́, àkọtọ́ náà kò lè ràn án lọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan fún obìnrin kan ṣoṣo, ó ní òmíràn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn; nítorí náà ni àṣìṣe wa kò ṣe hàn sí àwa fúnra wa, torí pé ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà lọ́kàn wa nígbà tí a ń sọ Yorùbá.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí atọ́kùn wá ẹni tí ó yan dókítà sípò, kí ó sì dárúkọ rẹ̀: "Ilé ìwòsàn fi Dókítà ṣe olórí ẹ̀ka." Wọ́n méjì ti kúrò nílẹ̀. Fún ìwé, kí ó ní: "Dókítà àti Màmá Agbẹ̀bí ni wọ́n jọ kọ ọ́." Wọ́n ṣì wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n jọ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ẹnì kan ni. A kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ní "àwọn àti Màmá Agbẹ̀bí," bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gírámà gbà á gẹ́gẹ́ bí ọ̀wọ̀ fún òun. Olùgbọ́ yóò máa wá àwọn ẹlòmíràn kiri.

Ìdàkejì àṣìṣe yìí tún wà. Bí atọ́kùn bá ti fi Gẹ̀ẹ́sì pe dókítà ní ẹyọ fún ìṣẹ́jú kan, ahọ́n rẹ̀ a máa gbé ẹyọ náà wọ inú Yorùbá, a sì já sí "Ó kàwé ní Ifẹ̀" lójú gbogbo ènìyàn. Gbólóhùn àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí a yí èdè padà ni èyí ti máa ń ṣẹlẹ̀ jù. Nítorí náà, orúkọ tàbí oyè ni ó yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nígbàkúùgbà tí a bá padà sí Yorùbá, kì í ṣe arọ́pò-orúkọ.

Ẹ náà ní tirẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, a ní "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde" kí àwọn ènìyàn lè rí olùbánisọ̀rọ̀ kejì, ni ìdajì gbọ̀ngàn bá dìde. Àwọn ará Kàdúná, tí wọn kò gbọ́ ohun tí a sọ, rí wọn, àwọn náà dìde. "Bàbá Apòògùn, ẹ dìde kí wọ́n rí yín" ni à bá ti wí.

Ní ti gígùn ọ̀rọ̀, kò pọn dandan kí a sọ gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ, iṣẹ́ àti àkòrí ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí èdè méjèèjì ní. Ìwé ẹ̀rí lè wà ní Gẹ̀ẹ́sì, ìlú àti ìdílé ní Yorùbá. Ṣùgbọ́n bí Yorùbá bá pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín, kí a fi gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan sọ ohun tí ó fa ẹ̀rín náà, kí àlejò má baà rò pé òun ni a ń fi rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin olùyẹ̀wò ìdánwò àfẹnusọ, àwa kò rí ìdí tí a fi ń yọ máàkì akẹ́kọ̀ọ́ tí ó pe dókítà ní dókítà. Ẹni tí ó sì parí gbólóhùn Yorùbá kí ó tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, bí a bá ní kí ó ṣe atọ́kùn, kò ṣe àmúlùmálà. Ẹ fún un ní ìwé pélébé irú èyí tí a fún wa: kí gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí kò dárúkọ olùṣe, kí iṣẹ́ kan sì wà tí ẹni méjì jọ ṣe. Lẹ́yìn tí ó bá sọ ọ́ tán, kí ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tí ó gbọ́ apá Yorùbá nìkan léèrè pé, "Ènìyàn mélòó ni ó kọ ìwé náà?" Bí ó bá dáhùn pé ẹnì kan ni, ibẹ̀ ni kí ẹ ti yọ máàkì.