Kí ló dé tí báńkì Ìlú Ọba kì í “rí” ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé?

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlú Ọba máa ń bi mí: “Ibi iṣẹ́ ní kí n mú nọ́ńbà àkáǹtì wá, báńkì ní àwọn ò lè ṣí i fún mi. Ṣé torí pé mi ò tíì yá owó rí níbí ni?” Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́. Iṣẹ́ sọfitíwíà ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí kọ̀ǹpútà báńkì ń ṣe gan-an.

Ìbéèrè mẹ́ta, ibì kan ṣoṣo

Nǹkan mẹ́ta ni báńkì fẹ́ mọ̀. Ta ni yín? Níbo lẹ̀ ń gbé? Táwọn bá yá yín lówó, ṣé ẹ máa san án? Ìbéèrè kẹta nìkan ló kan gbèsè. Àmọ́ àkáǹtì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń béèrè máa ń fàyè gba kéèyàn ná ju owó tó wà nínú rẹ̀ lọ, gbèsè sì nìyẹn. Torí náà, báńkì máa ń bi gbogbo ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Ibì kan náà ni kọ̀ǹpútà sì ti máa ń wá ìdáhùn wọn: lọ́dọ̀ Experian, Equifax tàbí TransUnion. Iléeṣẹ́ mẹ́ta yìí ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó ń san owó fóònù, ẹni tó ní káàdì ìyáwó, àti ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn olùdìbò. Kọ̀ǹpútà á mú orúkọ yín, ọjọ́ ìbí yín àti àdírẹ́sì yín, á wá ẹni tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá mu. Ẹni tó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá kò sí níbẹ̀ rárá.

Fún kọ̀ǹpútà, “ẹni yìí kì í san gbèsè” yàtọ̀ sí “mi ò rí ẹni yìí”. Ti àlejò, èkejì ni. Kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ burú. Wọn ò kàn rí yín ni. Èyí ló fi yẹ kẹ́ ẹ mú ìdáhùn ìbéèrè méjì àkọ́kọ́ wá lórí ìwé, kẹ́ ẹ sì yan àkáǹtì tí kò nílò ìbéèrè kẹta.

Bí ó ṣe rí fún àbúrò mi

Àbúrò mi kan wá ṣe másítà ní Leeds. Ó tẹ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù báńkì kan lórí fóònù, kò sì pẹ́ tí èsì fi dé pé wọn ò lè fìdí ẹni tó jẹ́ múlẹ̀. Ló bá pè mí: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n gbìyànjú báńkì mìíràn lálẹ́ yìí?” Mo ní kó fara balẹ̀ ná. Àwọn ìbéèrè kan máa ń fi àmì sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ mẹ́ta yẹn, àmì náà sì lè wà níbẹ̀ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmì márùn-ún lọ́sẹ̀ kan máa ń jọ ti ẹni tí owó ń há gidi gan-an.

Mo ní kó ya fọ́tò àwọn ìwé rẹ̀ ránṣẹ́. Ohun tí mo rí nìyí (mo ti pa orúkọ dà):

```
Pásípọ́ọ̀tù:    ADEBAYO OLUWASEUN TEMITOPE
Lẹ́tà ilé-ìwé: Seun Adebayo
Ìwé ilé:       18C
Royal Mail:    Flat 3, 18
```

Ẹ wò ó dáadáa. Lójú tiwa, Ṣeun àti Olúwaṣeun, ẹnì kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ó lè jẹ́ ẹni méjì. Ti àdírẹ́sì tún le jù. Royal Mail ní àkójọ àdírẹ́sì tí lẹ́tà ń dé ní gbogbo ìlú, òun sì ni ọ̀pọ̀ báńkì ń lò. Onílé àbúrò mi ń pe ilé náà ní 18C, ṣùgbọ́n kò sí 18C nínú àkójọ yẹn. Ẹ lè wá àdírẹ́sì tiyín lórí ìkànnì Royal Mail lọ́fẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ fi póstikóòdù wá a. Bí wọ́n bá ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ níbi gbogbo.

Ó padà lọ sí ọ́fíìsì ilé-ìwé. Wọ́n kọ lẹ́tà tuntun fún un, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù, àdírẹ́sì bó ṣe wà lọ́dọ̀ Royal Mail, àti orúkọ báńkì tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ó mú lẹ́tà náà, pásípọ́ọ̀tù àti kóòdù `share code` tó gbà lórí GOV.UK, èyí tó ń fi hàn pé ó ní àṣẹ láti gbé ìlú (90 ọjọ́ ni kóòdù náà fi ń ṣiṣẹ́). Ó lọ sí báńkì fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ iṣẹ́ kẹfà, nọ́ńbà àkáǹtì dé. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ lẹ bá wá, ẹ ní kí ibi iṣẹ́ yín kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀.

Orúkọ àkáǹtì tó yẹ kẹ́ ẹ dá

Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ báńkì, ẹ má kàn sọ pé “mo fẹ́ àkáǹtì”. `Basic bank account` lẹ máa dárúkọ. Ó ní káàdì, owó iṣẹ́ lè wọlé síbẹ̀, ẹ sì lè fi san owó iná. Ohun tí kò ní ni àyè láti ná ju owó yín lọ, torí náà báńkì kò yá yín ní nǹkan kan.

Òfin tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní 2016 ló fi dandan lé e fún àwọn báńkì ńlá ìlú náà, irú bíi Barclays, HSBC, Lloyds, NatWest, Santander àti Nationwide, láti ní irú àkáǹtì yìí fún ẹni tó bá ń gbé ìlú náà lọ́nà tó bófin mu. Wọ́n gbọ́dọ̀ dáhùn láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10 lẹ́yìn tí ìwé yín bá ti pé. Wọ́n lè kọ̀ tí òfin owó rírú bá dí wọn lọ́wọ́, tàbí tẹ́ ẹ bá ti ní irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀ ní báńkì mìíràn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àìní àkọsílẹ̀ gbèsè kò sí lára ìdí tí òfin gbà.

Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fẹjọ́ sun báńkì náà lákọ̀ọ́kọ́. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá kọjá láìsí ojúùtù, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ Financial Ombudsman Service, wọn kì í gba kọ́bọ̀.

Kí wọ́n lè rí yín nígbà mìíràn

Ọ̀nà kan wà tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. Nàìjíríà wà nínú Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ọmọ Nàìjíríà tó ní àṣẹ láti gbé Ìlú Ọba lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò níbẹ̀, kódà kó tó di ọmọ ìlú. Àwọn ará wa láti Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tàbí Bùràsíìlì tó ń gbé England kò ní àǹfààní yìí. Orí GOV.UK la ti ń ṣe é, wọ́n á sì béèrè nọ́ńbà National Insurance yín tẹ́ ẹ bá ní in. Tí orúkọ yín bá ti wọ ìwé olùdìbò, ó máa dé ọ̀dọ̀ Experian àti àwọn yòókù. Lẹ́yìn ìyẹn, tí kọ̀ǹpútà báńkì bá fi orúkọ àti àdírẹ́sì wá yín, ó ti ní ibi tó ti máa rí yín.

Àmọ́ o, ìyẹn kò dáhùn ìbéèrè kẹta. Ìwé olùdìbò ń sọ ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbé ni, kò sọ bóyá ẹ máa ń san gbèsè. Ìyẹn ń bẹ̀rẹ̀ látorí owó fóònù tẹ́ ẹ̀ ń san lóṣooṣù láìpẹ́ ọjọ́, ó sì máa ń gba oṣù bíi mélòó kan kó tó hàn.